Lẹ́tà Ìwáṣẹ́ Kan fún Ilé Iṣẹ́ Púpọ̀: Bí Ẹ Ṣe Lè Tún Un Rán Ní Ogún Ìṣẹ́jú

Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tẹ ìwé fún àwọn èèyàn kò jìnnà sí Fútà níbí l'Ákùúrẹ́, àwọn tó ń wá iṣẹ́ ló sì pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi. Ẹnì kan á mú lẹ́tà ìwáṣẹ́ kan wá, á ní kí n tẹ mẹ́wàá jáde nínú rẹ̀, kí n ṣáà máa yí orúkọ ilé iṣẹ́ tó wà lókè padà. Mo ti tẹ irú rẹ̀ títí mo fi mọ gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ̀ sórí: "Mo fi tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ kọ̀wé yìí láti béèrè fún ipò tó ṣófo ní ilé iṣẹ́ yín tó lókìkí." Bí èmi tí mò ń tẹ̀ ẹ́ bá mọ̀ ọ́n sórí, kí ni ká sọ nípa ẹni tí wọ́n kó òkìtì rẹ̀ síwájú rẹ̀?

Àwọn kan wà tó yàn láti máa kọ tuntun fún gbogbo ibi. Lẹ́tà àkọ́kọ́ wọn máa ń dùn ún kà, èkejì ò burú, nígbà tó bá di ẹ̀kẹrin ó ti rẹ̀ wọ́n, wọ́n á padà sórí "ilé iṣẹ́ yín tó lókìkí". Ohun tí mò ń bá àwọn èèyàn ṣe wà láàárín méjèèjì: lẹ́tà kan ṣoṣo tí ẹ ó fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀, àti àpò kan tí ẹ ó kó ẹ̀rí sí, tí ẹ ó máa fà yọ láti dí àyè náà. Àpò àti lẹ́tà náà á gba ìrọ̀lẹ́ kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ogún ìṣẹ́jú ló ń gbà fún ibi kọ̀ọ̀kan.

Àbúrò kan tó wá sọ́dọ̀ mi ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó kàwé ìṣirò owó ní pólì l'Ọ́wọ̀, ó ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, ó sì rí iṣẹ́ mẹ́ta tó fẹ́ béèrè fún lọ́sẹ̀ kan náà: akọ̀wé owó ní ilé ìwé aládàáni kan ní Ìjàpọ̀, akọ̀wé owó ní báńkì kékeré kan tó ń yá àwọn oníṣòwò lówó, àti akọ̀wé owó lọ́dọ̀ àwọn kan tó ń ra kòkó nílùú Oǹdó. Orúkọ iṣẹ́ kan náà, ibi mẹ́ta tí kò jọra rárá. Gẹ̀ẹ́sì la fi kọ àwọn lẹ́tà náà o, bí gbogbo yín ṣe mọ̀, ṣùgbọ́n màá sọ ohun tó wà nínú wọn ní Yorùbá.

Ẹ kọ́kọ́ sọ lẹ́tà náà di òfìfo

Ẹ ṣí lẹ́tà tí ẹ ti ń lò tẹ́lẹ̀. Gbogbo ohun tó jẹ́ òótọ́ níbi gbogbo, ẹ fi sílẹ̀: ẹ̀kọ́ yín, iye ọdún tí ẹ ti ṣiṣẹ́, ìgbà tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà fóònù yín. Gbogbo ohun tó yẹ kó yí padà, ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá, kí ẹ sì fi àmì sí àyè rẹ̀. Tiwa rí báyìí:

```
[[DÉÈTÌ]]
[[ẸNI TÍ A KỌ Ọ́ SÍ]]
ÌBÉÈRÈ FÚN IPÒ [[IPÒ]]
[[ẸNU Ọ̀NÀ]]
(gbólóhùn méjì nípa ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ mi)
[[Ẹ̀RÍ 1]]
[[Ẹ̀RÍ 2]]
(ìgbà tí mo lè bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà mi)
```

Ẹ má ṣe fi orúkọ ilé iṣẹ́ kankan sílẹ̀ nínú lẹ́tà ìpìlẹ̀ yìí, kódà fún àpẹẹrẹ. Àṣìṣe tó pọ̀ jù tí mo ń rí ni kí èèyàn mú lẹ́tà tó fi ránṣẹ́ sí ibì kan lánàá, kó sì máa tún un ṣe fún ti òní. Orúkọ ti àná á ṣẹ́ kù síbì kan dandan. Inú àyè òfìfo ni kí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ nígbà gbogbo.

Ọ̀rọ̀ míì tún wà tó ń ba ni láṣìírí ju orúkọ lọ. Lẹ́tà àbúrò mi yìí ní "oníbàárà" nínú lẹ́ẹ̀mẹta. Ilé ìwé ò ní oníbàárà, òbí ni wọ́n ní. Àwọn tó ń ra kòkó ń bá àgbẹ̀ àti alágbàtà lò. Kò sí bí ẹ ṣe yí orúkọ ilé iṣẹ́ padà tó, bí "oníbàárà" bá ṣì wà níbẹ̀, ọ̀gá ilé ìwé á mọ̀ pé ti ẹlòmíì ni wọ́n gbé wá fún òun. Nítorí náà, ẹ ka lẹ́tà ìpìlẹ̀ yín, kí ẹ wá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá ń sọ irú ibi kan, ẹ yọ ọ́.

Àpò ẹ̀rí

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ, torí bí àpò yìí bá ṣófo, ìyókù ò ní wúlò. Ẹ ṣí fáìlì míì, kí ẹ kọ ìtàn kéékèèké mẹ́fà tàbí mẹ́jọ sínú rẹ̀ nípa iṣẹ́ tí ẹ ti fọwọ́ ara yín ṣe. Gbólóhùn mẹ́ta tó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: bí nǹkan ṣe rí kí ẹ tó dé ibẹ̀, ohun tí ẹ ṣe, ohun tó yọrí sí.

Nígbà tí mo bi àbúrò náà pé kí ló ṣe ní ilé ìwé tó ti ṣe àgùnbánirọ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo kàn ń ran bọ́sà lọ́wọ́ ni." Ohun tó sì wà nínú lẹ́tà rẹ̀ nìyẹn: "Mo ran ẹ̀ka ìṣirò owó lọ́wọ́." Mo ní kó sọ fún mi ohun tó ń ṣe láti àárọ̀. Ó ní àwọn òbí máa ń san owó sí báńkì, wọn ò sì ní mú ríṣíìtì wá, nígbà tí táàmù bá wá parí wọ́n á lé ọmọ tó ti sanwó jáde. Ó wá ya ìwé kan tí orúkọ ọmọ wà lápá òsì, tí ọjọ́ àti iye tó wọ báńkì wà lápá ọ̀tún, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló sì ń fi wé ìwé tí báńkì tẹ̀ jáde. Ní táàmù kejì, wọn ò lé ọmọ kankan tó ti sanwó jáde mọ́.

Mo wò ó lójú. Èèyàn tó ṣe irú èyí ló ń kọ "mo ran wọ́n lọ́wọ́"!

Bí a ṣe kọ ọ́ sínú àpò nìyí: "Ní ilé ìwé tí mo ti sin ìlú, àwọn òbí ń san owó sí báńkì láìmú ríṣíìtì wá, wọ́n sì ń lé ọmọ tó ti sanwó jáde. Mo bẹ̀rẹ̀ ìwé tí mo fi ń bá owó báńkì wé orúkọ ọmọ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Ní táàmù tó tẹ̀ lé e, kò sí ọmọ kankan tí wọ́n ṣi lé."

Ó tún ní méjì míì tó dára. Ó ṣe kásíà ní súpámákẹ́ẹ̀tì fún oṣù mẹ́rìnlá, òun ló sì ń pa owó dé lálẹ́: ó ń ka owó tó wà nínú dúrọ́à, ó ń fi wé ohun tí ẹ̀rọ sọ, ó ń kọ ìyàtọ̀ sílẹ̀ kó tó lọ sílé. Nígbà tí kòkó bá ń jáde, ó máa ń lọ sí ilé ìtọ́jú kòkó àǹtí rẹ̀ l'Óǹdó láti kọ ìwọ̀n sínú ìwé. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ò sí nínú lẹ́tà rẹ̀ rárá, torí ó rò pé iṣẹ́ ilé ni. Iṣẹ́ ilé kọ́.

Bí ẹ bá ti kọ wọ́n tán, ẹ fi orúkọ iṣẹ́ tó wà nínú ìtàn sórí rẹ̀, kì í ṣe orúkọ ìwà. "Bíbá owó báńkì wé àkọsílẹ̀" ni kí ẹ kọ, kì í ṣe "olóòótọ́" tàbí "aláápọn". Iṣẹ́ ni ìpolówó máa ń dárúkọ, ohun tí ẹ ó sì fi wá ìtàn nìyẹn bí ẹ bá ń sáré. Bí iye owó tàbí iye èèyàn bá wà nínú ìtàn náà, ẹ kọ èyí tí ẹ lè dúró tì nìkan. Bí wọ́n bá pè yín wá, ibẹ̀ gan-an ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.

Ìpolówó: ẹ mú ohun méjì péré

Ẹ ka ìpolówó náà lẹ́ẹ̀mejì. Àkọ́kọ́, ẹ kàn kà á. Èkejì, ẹ mú bírò, kí ẹ sì fa ìlà sábẹ́ ohun tó jẹ́ iṣẹ́. Ẹ máa fo àwọn ọ̀rọ̀ tó wà nínú gbogbo ìpolówó lọ: ẹni tó lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ wàhálà, ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ẹni tó lè bá èèyàn ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹ wá ohun tó ṣàjèjì, tí kì í sí nínú ìpolówó míì, tàbí ohun tí wọ́n sọ lẹ́ẹ̀mejì. Ibẹ̀ ni bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀.

Nínú ìpolówó ilé ìwé náà, ohun tó ṣàjèjì ni pé àwọn òbí lè san owó ní ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín táàmù. Báńkì kékeré náà sọ lẹ́ẹ̀mejì pé àkọsílẹ̀ gbọ́dọ̀ parí lọ́jọ́ kan náà. Àwọn oníkòkó sọ pé akọ̀wé náà ni yóò máa gba ìwé ìwọ̀n lọ́wọ́ àwọn tó ń ra ọjà fún wọn lóko.

Méjì ni kí ẹ mú, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dáhùn gbogbo ohun mẹ́wàá tí wọ́n kọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan á gba gbólóhùn kan ṣoṣo, kò sì ní sí èyí tó jinlẹ̀. Síífíì ni yóò dáhùn mẹ́jọ yòókù.

Ẹnu ọ̀nà

Gbólóhùn tó ṣí lẹ́tà ni mo ń pè ní ẹnu ọ̀nà, òun nìkan sì ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ ní tuntun fún ibi kọ̀ọ̀kan. Ìyókù, inú àpò ló ti ń jáde. Ohun méjì ló wà nínú rẹ̀: òótọ́ kan nípa ibẹ̀ tí kò sí níbòmíràn, àti iṣẹ́ tí òótọ́ náà ń dá sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà. Bí ẹ bá kọ òótọ́ náà nìkan, ìyìn lásán ni. "Mo rí i pé ẹ ti ṣí ẹ̀ka kejì, ẹ kú oríire." Tóò, wọ́n dúpẹ́, ṣùgbọ́n kí ló kàn yín níbẹ̀?

Fún ilé ìwé, a kọ ọ́ báyìí: "Ẹ ń jẹ́ kí àwọn òbí san owó ilé ìwé ní ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín táàmù, ìyẹn ni pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó kù fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ èyíkéyìí. Iṣẹ́ tí mo ṣe ní ọdún tí mo sin ìlú nìyẹn." Ìtàn ọjọ́ Ẹtì ló wá tẹ̀ lé e.

Fún báńkì, ìpolówó wọn ò sọ ohun púpọ̀. Mo bi í bóyá ó mọ ibẹ̀. Ó ní òun máa ń rí àwọn tó ń gba àjọ fún wọn ní Ọjà Ọba, pé ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń parí. Àǹfààní tí ẹni tó ń gbé ìlú kan náà ní nìyẹn, àwa kì í sì í lò ó: ẹ lè dé ẹnu ọ̀nà wọn, ẹ lè ka pátákó wọn, ẹ lè bi ẹni tó ń bá wọn ná owó. A kọ ọ́ pé: "Àwọn tó ń gba àjọ fún yín ní Ọjà Ọba kì í parí kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, síbẹ̀ ẹ fẹ́ kí àkọsílẹ̀ parí lọ́jọ́ kan náà. Fún oṣù mẹ́rìnlá, èmi ni mo ń pa owó súpámákẹ́ẹ̀tì kan dé ní alaalẹ́, n kì í sì í lọ sílé títí ìyàtọ̀ á fi ní àlàyé."

Ti àwọn oníkòkó ló dùn mọ́ mi jù. "Ẹni tí ẹ ń wá ni yóò máa gba ìwé ìwọ̀n láti oko. Ní ilé ìtọ́jú kòkó àǹtí mi l'Óǹdó, ibẹ̀ gan-an ni àríyànjiyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀: ẹnì kan kọ ìwọ̀n kí wọ́n tó yọ ti omi, ẹlòmíì kọ ọ́ lẹ́yìn tí wọ́n yọ ọ́. Mo kọ́ láti máa kọ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn." Ẹni tó ti ra kòkó tútù rí, tó wá rí i bó ṣe fúyẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọmọ ilé ni èyí.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ bí ẹnu ọ̀nà bá dára: ẹ fi ọwọ́ bo orúkọ ilé iṣẹ́ náà, kí ẹ sì ka gbólóhùn náà bíi pé ilé iṣẹ́ míì tó ń ṣe irú òwò kan náà ni ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí. Bó bá bá a mu láìyí ohunkóhun, kò tíì dára. Ẹ tún un ṣe.

Bí ẹ bá wá òótọ́ tí ẹ ò rí, ẹ má ṣe dá a sílẹ̀ láti orí yín. Ẹ mú iṣẹ́ kan tó ṣàjèjì nínú ìpolówó náà, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, bí a ti ṣe fún ilé ìwé.

Ríran án pọ̀

Ẹ fa ìtàn méjì tó bá ohun méjì tí ẹ yàn mu yọ nínú àpò. Èyí tó bá ẹnu ọ̀nà mu ló ń ṣíwájú. Bí ẹ bá ń lẹ̀ wọ́n mọ́ inú lẹ́tà, ẹ yan "Keep Text Only" nínú Word, kí àwọ̀ àti ìtóbi lẹ́tà àpò má baà bá wọn wọlé. Lẹ́tà tí ìpínrọ̀ kan tóbi ju ìkejì lọ ń sọ fún aláròjinlẹ̀ pé ẹ lẹ̀ ẹ́ ni.

Ẹ wá tún orúkọ nǹkan ṣe. Bí wọ́n bá pè é ní "ìwé owó ilé ìwé", ẹ má pè é ní "ìwé gbèsè". Orúkọ nǹkan nìkan ni kí ẹ yá o. Mo ti rí ẹni tó da odidi gbólóhùn ìpolówó padà fún àwọn tó kọ ọ́, bí ẹni ń gba orin.

Bí ẹ bá ní ilé ìwé mẹ́rin láti kọ sí, ẹ kọ gbogbo wọn lọ́jọ́ kan. Ẹ̀rí méjì kan náà lè bá gbogbo wọn mu, ẹnu ọ̀nà nìkan ni yóò máa yí padà, ọwọ́ yín á sì yá. Ẹ máa lọ sinmi lẹ́yìn ìkarùn-ún. Ìkẹfà ni "ilé iṣẹ́ yín tó lókìkí" ti máa ń yọ́ wọlé padà.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́

Èmi fúnra mi ti jìyà ibí yìí. Kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan, mo yí orúkọ tó wà lókè padà, mo sì gbàgbé èyí tó wà ní ìlà tó kẹ́yìn. Ìdáhùn tí wọ́n fún mi ò ju ìlà kan lọ: wọ́n ní kí n lọ bá àwọn tí mo dárúkọ. Láti ìgbà náà, n kì í fi ojú nìkan yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ tẹ Ctrl+F, kí ẹ wá `[[`. Bí ó bá rí ẹyọ kan, àyè kan ṣì ṣófo. Ẹ tún wá orúkọ ibi tí ẹ kọ sí ṣáájú èyí, àti ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti irú òwò wọn, bí "òbí" tàbí "àjọ". Ẹ fi ọwọ́ tẹ déètì. Bí ẹ bá fi Word sí i, tí ẹ sì fi àmì sí "Update automatically", ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí fáìlì náà lè jẹ́ ọjọ́ tí yóò hàn.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: Word ní ibì kan tó ń pa àkọlé fáìlì mọ́, lábẹ́ File, ní Info, níwájú Title. Bí lẹ́tà yín bá ti inú fáìlì àtijọ́ jáde, àkọlé àtijọ́ lè wà níbẹ̀, bí ẹ bá sì sọ ọ́ di PDF, ó lè hàn lókè nígbà tí wọ́n bá ṣí i. Ẹ pa á rẹ́. Ẹ wá fi orúkọ yín àti ipò náà pe fáìlì, kí ẹ fi í ránṣẹ́ sí ara yín, kí ẹ sì ṣí i lórí fóònù.

Ọ̀nà yìí ní ibi tó parí sí. Iṣẹ́ ìjọba tó ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀ kì í sábà fún yín láyè. Bí iṣẹ́ náà bá yàtọ̀ gan-an, bíi kí àbúrò yìí fẹ́ lọ kọ́ ọmọ ní ìṣirò, ó nílò lẹ́tà ìpìlẹ̀ míì, torí gbólóhùn méjì tó sọ nípa ara rẹ̀ ò ní bá a mu. Bí ó bá sì jẹ́ pé iṣẹ́ kan wà tí ọkàn yín fà sí ju gbogbo ìyókù lọ, ẹ gbàgbé àpò, kí ẹ jókòó kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ fi ẹ̀dà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan pamọ́ pọ̀ mọ́ àwòrán ìpolówó rẹ̀ sínú fódà kan, torí wọ́n máa ń yọ ìpolówó kúrò kí wọ́n tó pe èèyàn. Ẹ kọ nọ́ńbà wọn sínú fóònù pẹ̀lú orúkọ ibẹ̀ bí ó bá wà. Nígbà tí ilé ìwé Ìjàpọ̀ pe àbúrò náà, inú mọ́tò ló wà. Ó rí orúkọ wọn, ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ fún òun ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí fódà náà, ó ka ìtàn ọjọ́ Ẹtì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì pè wọ́n padà.